Àpótí Olóhùn: Bí Ìsọ̀ Kékeré ní Íńdíà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Owó Ti Wọlé

Lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kékeré ní Íńdíà lónìí, yálà ti onítíì, ti aláta tàbí ti ẹni tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, nǹkan méjì ló máa ń wà pa pọ̀. Èkíní ni pátákó kékeré tí wọ́n tẹ kóòdù QR sí, tí oníbàárà ń fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ yà láti sanwó. Èkejì ni àpótí oníke tí kò tóbi ju kí ọwọ́ kan gbé e lọ. Bí ẹnì kan bá ti sanwó tán, àpótí náà á sọ̀rọ̀ sókè ní èdè Híńdì, Támílì, Bẹ̀ngálì tàbí èdè mìíràn tí ọlọ́jà bá yàn. Á sọ iye tó wọlé. Ọlọ́jà kò ní gbójú sókè kúrò lórí ẹrù tó ń dì. Ó ti gbọ́.

Ilé-iṣẹ́ Paytm, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Nóídà lẹ́bàá Dẹ́lì, ló gbé irú àpótí yìí jáde fún àwọn ọlọ́jà Íńdíà ní ọdún 2019, ó sì pè é ní Soundbox. Àwọn abánidíje rẹ̀ tẹ̀ lé e: PhonePe ní 2022, lẹ́yìn náà Google pẹ̀lú èyí tó pè ní SoundPod. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, àwọn ọlọ́jà tó ń san owó oṣooṣù fún ẹ̀rọ Paytm nìkan, àpótí olóhùn àti ẹ̀rọ POS pa pọ̀, ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Ohun tí ìtàn yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí àpótí náà ṣe mọ ohun tó ń sọ. Kò sí owó tó gba inú rẹ̀ kọjá. Kò bá fóònù oníbàárà sọ̀rọ̀, kò sì rí kóòdù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti mọ ibi tó ti ń gbọ́ ìròyìn, a ní láti kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìròyìn náà kò fi sí lọ́wọ́ ọlọ́jà tẹ́lẹ̀.

Bébà tí kò mọ nǹkan kan

Ọdún 2008 ni wọ́n dá àjọ NPCI sílẹ̀, lábẹ́ àbójútó Báńkì Àpapọ̀ Íńdíà àti ẹgbẹ́ àwọn báńkì ilẹ̀ náà, láti máa bójú tó bí owó ṣe ń ti báńkì kan lọ sí òmíràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2010, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ ètò IMPS, tó jẹ́ kí èèyàn lè fi fóònù gbé owó láti báńkì dé báńkì lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán-tòru. Nàìjíríà kò jìnnà sẹ́yìn nínú èyí: ọdún 2011 ni NIBSS bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n IMPS ṣì ń béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sanwó, bíi nọ́ńbà àkáǹtì àti kóòdù ẹ̀ka báńkì ẹni tí yóò gbà á. Kò sẹ́ni tí yóò tẹ gbogbo ìyẹn nítorí ife tíì kan.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2016, Raghuram Rajan, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ṣí ètò tuntun kan ní ìlú Mọ́mbáì. UPI ni orúkọ rẹ̀, báńkì 21 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Orí IMPS ni wọ́n kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n ó fi àdírẹ́sì kúkúrú tó ní àmì @ láàárín rọ́pò nọ́ńbà àkáǹtì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, Narendra Modi, olórí ìjọba ilẹ̀ náà, kéde pé owó bébà 500 àti 1,000 rúpíì kò ní jẹ́ owó mọ́ láti ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà. Bébà méjèèjì yìí ló kó nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iye owó tó wà níta. Àwọn èèyàn tò síwájú báńkì, ọjà sì dá páropáro. Ọlọ́jà tí kò ronú owó orí fóònù rí wá wá ọ̀nà láti gbà á.

Ẹ̀rọ POS wọ́n, ó sì nílò àdéhùn pẹ̀lú báńkì. Bébà tí wọ́n tẹ kóòdù QR sí kò wọ́n rárá. Ohun tó wà nínú kóòdù náà kò ju ìlà ọ̀rọ̀ kan lọ. Bí a bá tú u sílẹ̀, irú èyí ni a ó rí:

```
upi://pay?pa=kirana@bank&pn=Kirana%20Store&cu=INR
```

Àdírẹ́sì ẹni tí yóò gba owó ló tẹ̀ lé `pa`, orúkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé `pn`, `cu` sì ń sọ irú owó tí wọn yóò fi san án. Iye owó kò sí níbẹ̀, nítorí bébà kan ṣoṣo ni yóò lò fún gbogbo oníbàárà. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ iye tó fẹ́ san.

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Bí ọlọ́jà bá lo ẹ̀rọ POS, ẹ̀rọ tirẹ̀ ló béèrè owó, òun náà ló sì gba èsì báńkì. Òun ni yóò tẹ rìsíìtì jáde. Ọlọ́jà kò gbọ́kàn lé ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ní ti kóòdù orí bébà, gbogbo iṣẹ́ orí fóònù oníbàárà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Bébà kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ya òun, kò mọ iye tí wọ́n tẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá owó lọ tàbí kò lọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà nínú ìsọ̀ ni àmì òdodo aláwọ̀ ewé tó hàn lójú fóònù ẹni tó ń rajà, ìyẹn ẹni tó ní èrè níbẹ̀ bí àmì náà bá jẹ́ irọ́.

Kò pẹ́ tí irọ́ fi dé. Àwọn kan ń fi àwòrán ìsanwó àná han ọlọ́jà. Àwọn kan lo áàpù ayédèrú tí wọ́n ṣe láti jọ ti Paytm: a tẹ orúkọ ìsọ̀ àti iye owó sí i, ó sì gbé ojú-ewé tó dà bíi ti gidi jáde, tó fi dórí ọjọ́ àti aago. Ẹni tó bá ti rí áláàtì irọ́ rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí ó ṣe rí lára ọlọ́jà.

Ọlọ́jà lè dúró de àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ a máa pẹ́, pàápàá nígbà tí ọjà bá gbóná, orí fóònù ẹni tó ni àkáǹtì nìkan ló sì ń dé. Bí ọ̀gá bá wà nílé tí ọmọṣẹ́ wà ní ìsọ̀, ọ̀gá ló gba áláàtì, ọmọṣẹ́ ló ń tajà. Ọmọṣẹ́ á pe ọ̀gá lórí fóònù nítorí 30 rúpíì, oníbàárà mẹ́ta á sì dúró dè é.

Láti inú fóònù sínú àpótí

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe sí i kì í ṣe àpótí. Áàpù àwọn oníṣòwò ló kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀: bí owó bá wọlé, fóònù ọlọ́jà fúnra rẹ̀ á ké iye rẹ̀. Ní Ṣáínà, níbi tí kóòdù orí bébà ti gbilẹ̀ ṣáájú Íńdíà, Alipay àti WeChat ti ń ṣe èyí, àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ sì ti ń lo gbohùngbohùn tó ń kéde owó. Ilé-iṣẹ́ Alibaba àti Ant, tí wọ́n ni Alipay, ti ra ìpín ńlá nínú Paytm láti ọdún 2015.

Ìkéde láti inú fóònù kò tó. Fóònù wà nínú àpò, tàbí kí ọlọ́jà máa fi í sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Fóònù olówó pọ́ọ́kú a máa pa áàpù tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀, kí bátìrì má baà tètè tán, ìkéde á sì dákẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀gá bá mú fóònù rẹ̀ jáde, ohùn bá a lọ. Àpótí kì í jáde. Ó ní sííìmù tirẹ̀, bátìrì tirẹ̀ àti gbohùngbohùn tó lágbára ju ti fóònù lọ. Orí tábìlì ló ń gbé, ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà lọ́jọ́ náà ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ìdí kejì jẹ́ ti owó, mo sì gbà pé òun ló jẹ́ kí àpótí náà tàn kálẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba Íńdíà fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà lórí ìsanwó UPI. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún ọlọ́jà ní kóòdù kò lè yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó tó ń gba ojú-òpó rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí wọ́n má fi ẹ̀rọ háyà. Nítorí náà, wọ́n gbé àpótí fún ọlọ́jà, wọ́n sì ń gba owó ìháyà lóṣooṣù, nǹkan bí 100 sí 125 rúpíì. Lójú onítíì kan, owó yẹn kéré sí ohun tí áàpù ayédèrú lè gbà lọ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan. Lójú ilé-iṣẹ́, owó tó dúró sójú kan ni, tó ń wọlé bóyá ọjà tà tàbí kò tà.

Ọ̀nà tí 247 rúpíì gbà

Ẹ jẹ́ kí a mú ìsọ̀ kan ní Dẹ́lì. Obìnrin kan ra ìrẹsì, òróró àti ṣúgà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 247 rúpíì. Ó fi fóònù ya kóòdù. Áàpù rẹ̀ yọ àdírẹ́sì tó wà nínú kóòdù náà, ó sì béèrè lọ́wọ́ NPCI ta ló ni ín. Èsì dé, orúkọ ìsọ̀ hàn lójú fóònù. Ó tẹ 247, ó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí yìí kò dúró sínú áàpù: wọ́n tì í pa mọ́ lójú ẹsẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé báńkì obìnrin náà nìkan ló lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni.

Ìbéèrè ìsanwó wá dé ọ̀dọ̀ NPCI. Ẹ wo bí NPCI ṣe to iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ló mú kí ohùn àpótí ṣeé gbára lé. Ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ báńkì tó ń bójú tó àdírẹ́sì ọlọ́jà pé àkáǹtì wo ni àdírẹ́sì yìí dúró fún. Lẹ́yìn náà ó sọ fún báńkì obìnrin náà pé kó yọ 247 rúpíì. Ìgbà tí báńkì yẹn bá dáhùn pé òun ti yọ ọ́ ni yóò tó sọ fún báńkì tó ń gbowó pé kó kà á sí àkáǹtì. Ìgbà tí èyí náà bá dáhùn pé òun ti gbà á ni NPCI yóò ka ìsanwó náà sí èyí tó yege. Láti ibẹ̀, ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan padà sọ́dọ̀ áàpù oníbàárà, èkejì sọ́dọ̀ báńkì tó ń bójú tó àdírẹ́sì ọlọ́jà. Nọ́ńbà ìtọ́kasí onídíjíìtì 12 kan náà ló wà lára ìròyìn méjèèjì, òun ni wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ọ̀nà kejì yìí ni ti àpótí. Kò gba ọ̀dọ̀ oníbàárà kọjá rárá, nítorí náà oníbàárà kò lè fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí àpótí fi lè sọ̀rọ̀ kí àmì òdodo tó hàn lójú fóònù, tàbí kó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìránṣẹ́ méjì ni, ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba.

Báńkì ọlọ́jà fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí sáfà ilé-iṣẹ́ tó háyà àpótí. Sáfà wo ìwé rẹ̀: ọlọ́jà wo ló ni àdírẹ́sì yìí, àpótí wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọjọ́ tí aṣojú ilé-iṣẹ́ gbé e wá sí ìsọ̀ ló sì ti so nọ́ńbà náà mọ́ orúkọ ọlọ́jà. Bí aṣojú bá ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ náà, tó so àpótí ìsọ̀ kan mọ́ orúkọ òmíràn, àpótí á máa kéde owó ẹlòmíràn, ti ẹni tó ni ín kò sì ní dún láéláé. Kí aṣojú tó lọ, ó yẹ kí wọ́n san 1 rúpíì láti fi dán an wò.

Báwo wá ni sáfà ṣe ń kàn sí àpótí? Àpótí ìbá lè máa pe sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan-mélòó kan láti béèrè bóyá owó wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò jẹ dátà, yóò sì jẹ bátìrì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n pe sáfà lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì gbé e sílẹ̀. Ìlànà MQTT ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọdún 1999 ni Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper kọ ìlànà yìí, fún ṣíṣọ́ òpó epo rọ̀bì láti ọ̀nà jíjìn lórí sátẹ́láìtì, níbi tí dátà ti wọ́n gógó. Ohun tó bá òpó epo mu ló bá sííìmù olówó kékeré mu: ọ̀rọ̀ kúkúrú, ojú-ọ̀nà tó wà ní ṣíṣí, àti àmì ìwàláàyè díẹ̀ tí àpótí ń fi ránṣẹ́ látìgbàdégbà kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì má baà pa ọ̀nà náà dé. Sáfà ti ọ̀rọ̀ náà sí ojú-ọ̀nà tí àpótí yẹn nìkan ń tẹ́tí sí. Iye owó àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó ló wà nínú rẹ̀. Bí àpótí bá gbà á, ó dáhùn pé òun ti gbà á. Bí ìdáhùn kò bá padà dé, sáfà lè tún un fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni kì í jẹ́ kí àpótí ké 247 lẹ́ẹ̀mejì fún ìsanwó kan ṣoṣo.

Bí ohùn ṣe ń jáde

Àwọn àpótí kan ń gba ohùn tí wọ́n ti ṣe tán láti ọ̀dọ̀ sáfà. Ṣùgbọ́n lórí nẹ́tíwọ̀kì tí kò lágbára, ó rọrùn kí àpótí gba iye owó nìkan, kó sì hun ohùn fúnra rẹ̀ láti inú àwọn ègé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀. Fún 247 rúpíì ní Híńdì, ègé mẹ́ta ló nílò fún iye: «dó», ìyẹn 2, «sọ́ọ̀», ìyẹn 100, àti «sẹńtálíìsì», ìyẹn 47. Gbólóhùn tó ń sọ pé owó wọlé sórí Paytm ló yí wọn ká.

Kí ló dé tí 47 fi jẹ́ ègé kan, tí kì í ṣe 40 àti 7 tí wọ́n lẹ̀ pọ̀? Híńdì kò gbà á. 7 ni «sáàtì», 40 ni «sàlíìsì», ṣùgbọ́n 47 ni «sẹńtálíìsì», 37 ni «sẹńtíìsì», 57 sì ni «sàtáwán». Kò sí bí a ṣe lè fi ègé ẹyọ àti ẹ̀wá kọ́ wọn tí yóò dùn létí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpótí oníHíńdì gbọ́dọ̀ gba ohùn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti 1 dé 99, kó tó wá fi ti 100, 1,000 àti 100,000 kún un. Támílì kò béèrè tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀wá àti ẹyọ ń hàn nínú rẹ̀ kedere. Ní 2023, PhonePe gba ohùn Amitabh Bachchan, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá, sínú àpótí tirẹ̀. Àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò abẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

Nígbà tí àpótí bá dákẹ́

Bí àpótí bá sọ̀rọ̀, báńkì tó ń gbowó ti fọwọ́ sí i. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọlọ́jà kò tíì mọ nǹkan kan. Àwọn méjì yìí kò dọ́gba, oníbàárà tó sanwó lóòótọ́ ló sì máa ń jìyà rẹ̀ bí ọlọ́jà bá dà wọ́n pọ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè wá láti inú nẹ́tíwọ̀kì àpótí nìkan. Iná kékeré ara rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: bí àwọ̀ rẹ̀ bá sọ pé kò sí ìsopọ̀, owó ṣì lè ti wọlé, áàpù ọlọ́jà yóò sì fi í hàn. Nígbà mìíràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń wá láti àárín àwọn báńkì. Báńkì oníbàárà ti yọ owó, ṣùgbọ́n èsì báńkì kejì kò dé, fóònù rẹ̀ sì ń sọ pé ìsanwó ń lọ lọ́wọ́. Oníbàárà á ní òun ti san, òótọ́ ló ń sọ. Ọlọ́jà á ní òun kò tíì gbà, òótọ́ lòun náà ń sọ. Báńkì Àpapọ̀ Íńdíà gbé òfin jáde lórí èyí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019: bí wọ́n bá yọ owó lọ́wọ́ oníbàárà tí ìfìdímúlẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, owó náà gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 100 rúpíì ni wọn yóò san fún oníbàárà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta àti ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025, UPI fúnra rẹ̀ dúró fún wákàtí mélòó kan. Àpótí tó ní ìsopọ̀ dáadáa kò rí nǹkan kan kéde nígbà tí ìsanwó kò kọjá.

Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kẹta ló burú jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ní Khajuraho ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, àwọn olè wá lóru, wọ́n lẹ kóòdù tiwọn mọ́ orí kóòdù ọ̀pọ̀ ìsọ̀. Lójú fóònù oníbàárà, gbogbo nǹkan yege, nítorí owó lọ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló lọ. Àwòrán kámẹ́rà ló fi àwọn olè náà hàn. Lójú irú ẹ̀tàn yìí, ọlọ́jà tó ní àpótí tó sì ń fetí sí i yóò fura lórí oníbàárà àkọ́kọ́: àmì òdodo hàn, orúkọ tó wà lójú fóònù sì jẹ́ ti àjèjì, ohùn kò jáde.

Àléébù kan tún wà tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Àpótí ń sọ iye, kì í sọ ẹni tó san án. Níwájú onítíì ní àárọ̀, èèyàn mẹ́ta ra ife kọ̀ọ̀kan ní 10 rúpíì. Àpótí ké 10, ó tún ké 10. Àwọn mẹ́ta yìí jọ ń rìn lọ. Ta ni kò san? Ohùn kò lè dáhùn. Onítíì yóò ní láti wo áàpù, níbi tí orúkọ ẹni tó san wà, tàbí kó jẹ́ kí ó lọ. Ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí ó lọ.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí owó wà gan-an nígbà tí ohùn bá dún. Láàárín àwọn báńkì, gbèsè ni ó ṣì jẹ́: wọ́n ń kó ìṣirò jọ, wọ́n sì ń yanjú rẹ̀ ní Báńkì Àpapọ̀ nígbà mélòó kan lóòjọ́. Ní ti ọlọ́jà tó gba kóòdù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bíi Paytm, owó lè kọ́kọ́ wọ àkáǹtì àpapọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ní ní báńkì kan, kí wọ́n tó san án sí àkáǹtì tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí àpótí ń kéde ni pé ìsanwó ti yege, kò sì sí ọwọ́ oníbàárà tó lè fà á padà. Ó tó láti gbé ẹrù fún un.

Oṣù méjì ní 2024

Àkáǹtì àpapọ̀ yìí ló di ọ̀rọ̀ ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, Báńkì Àpapọ̀ Íńdíà pàṣẹ pé kí Paytm Payments Bank, báńkì tó ń bójú tó àwọn àdírẹ́sì `@paytm`, ṣíwọ́ gbígba owó tuntun láti òpin oṣù kejì, nítorí pé kò tẹ̀ lé òfin. Lẹ́yìn náà wọ́n sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ 15 oṣù kẹta. Àwọn ọlọ́jà káàkiri ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá àpótí wọn yóò yadi.

Ìdáhùn wà nínú ọ̀nà tí a ti tọ̀ wá. Àpótí jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Paytm. Báńkì tí wọ́n dí lọ́wọ́ jẹ́ ìgbésẹ̀ kan péré lójú ọ̀nà. Bí báńkì mìíràn bá lè dúró síbẹ̀, ìròyìn yóò máa dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì, Paytm kéde pé òun ti gbé àkáǹtì àpapọ̀ òun lọ sí Axis Bank. Lọ́jọ́ kan náà, Báńkì Àpapọ̀ ṣàlàyé fún àwọn ọlọ́jà pé ẹni tí owó rẹ̀ ń wọ àkáǹtì ní báńkì mìíràn lè máa lo kóòdù àti àpótí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ń wọ àkáǹtì ní Paytm Payments Bank kò ní lè gbà á mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù kẹta, àfi kó wá báńkì mìíràn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, nígbà tó ku ọjọ́ kan, NPCI fún Paytm láṣẹ láti máa bá ètò UPI lọ pẹ̀lú báńkì mẹ́rin: Axis, HDFC, SBI àti YES. Àwọn oníbàárà ló ní láti gba àdírẹ́sì tuntun díẹ̀díẹ̀, irú bíi `@ptaxis` àti `@ptyes`. Ní ti ọlọ́jà, wọ́n darí àdírẹ́sì `@paytm` sí YES Bank. Láti ìgbà náà, bí NPCI bá béèrè ẹni tó ni irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, YES Bank ni yóò dáhùn, òun náà ni ìròyìn ìsanwó yóò sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó kàn sáfà àti àpótí. Bébà tí wọ́n tẹ kóòdù sí lára ògiri kò nílò pípààrọ̀, nítorí ìlà ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ṣì dúró bó ṣe wà.